Bó o ṣe máa tọrọ àforíjì fún ínfóìsì tó pẹ́, kí owó ẹ má sì tún pẹ́ sí i

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo parí iṣẹ́ dísáìnì kan fún ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, àdéhùn wa ni pé wọ́n á sanwó ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn ínfóìsì. Ọjọ́ 5 ló yẹ kí n fi ínfóìsì ránṣẹ́ àmọ́ iṣẹ́ mìíràn gbà mí lọ́kàn, mi ò rántí títí di òní tó jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Ojú ń tì mí láti ní kí wọ́n tètè sanwó nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo pẹ́, bẹ́ẹ̀ mo nílò owó yẹn. Ṣé kí n kúkú kọ déètì oṣù kẹta sí i? Kí ni kí n kọ sí wọn?*

Àbúrò mi, má kọ déètì oṣù kẹta sí i o. Ibẹ̀ gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀ torí òun ló lè ba gbogbo èyí tó kù jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, wọ́n á ní ṣebí mo ti parí iṣẹ́ látìgbà yẹn, kí ló wá burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé àwọn ará àkáǹtì kì í wo déètì tó o kọ nìkan, wọ́n máa ń wo ọjọ́ tí ímeèlì ẹ wọlé, àwọn míì tiẹ̀ máa ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé mọ́ ọn lára, torí náà ínfóìsì tó ń pe ara ẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta tó wá ń wọlé lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á rí i. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti ti ìwé oṣù kẹta pa, ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣírò gbogbo ìnáwó oṣù yẹn tán, wọ́n ti gbé e fún ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n máa wá ṣe? Wọ́n lè dá a padà pé kó o lọ tún déètì ṣe, o ti tún pàdánù ọjọ́ mélòó kan nìyẹn, wọ́n sì lè kàn gbà á kí wọ́n ṣì ka ọjọ́ 30 wọn láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn. Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, o ò jèrè nǹkan kan, o sì ti dà bí ẹni tó ń ṣe màgòmágó lọ́jọ́ tó ń wá ojúure.

Kọ ọjọ́ tó o fi ránṣẹ́ gan-an sí i, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Kó o wá fi ìlà kan kún un nínú ínfóìsì yẹn pé "Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí: 3 oṣù kẹta". Ìlà kékeré yìí wúlò ju bó o ṣe rò lọ. Òun ló máa jẹ́ kí akáǹtáǹtì wọn mọ oṣù tí ìnáwó yẹn tọ́ sí, òun náà ló sì máa rán ẹni tó bá kà á létí pé ó ti tó oṣù kan tí iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn, láìjẹ́ pé o fẹnu ara ẹ sọ ọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Mo ti wà ní ẹ̀ka àkáǹtì rí, níbi tí ínfóìsì ti ń wọlé, ohun tí mo sì fẹ́ kó o mọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ tó ń sọ pé ẹni yìí pẹ́, ẹ jẹ́ ká fìyà jẹ ẹ́. Ínfóìsì dé, wọ́n wò ó bóyá nọ́ńbà ọ́dà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún ẹ, tó wà lára ẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ wọn mu, wọ́n bi ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ bóyá iṣẹ́ yẹn dé ọwọ́ ẹ̀ lóòótọ́, ó fọwọ́ sí i, wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló sì máa ṣírò ọjọ́ tí owó yẹ ní sísan. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọjọ́ ìsanwó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í san ínfóìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń san gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, àwọn kan ò tiẹ̀ ń san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ọjọ́ yẹn bá pé, kọ̀ǹpútà á ṣa gbogbo ínfóìsì tí ọjọ́ wọn ti pé tàbí tó pé lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó kù á dúró de ìgbà míì.

Jẹ́ ká fi tìẹ ṣe é. Ká ní ọjọ́ 15 àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n máa ń sanwó. Tó bá jẹ́ pé o fi ínfóìsì ránṣẹ́ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta bó ṣe yẹ, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni ọjọ́ 30 ẹ̀ máa pé, wàá sì gba owó ẹ lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin. Báyìí tó jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin lo fi ránṣẹ́, ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ló máa pé. Ọjọ́ ìsanwó tó wà nítòsí jù ni ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, àmọ́ ìyẹn ti fi ọjọ́ méjì péré ṣáájú, kọ̀ǹpútà ò ní mú un, ó di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Ṣé o rí ibi tí wàhálà wà? Ọjọ́ 28 lo fi pẹ́, ọjọ́ 30 ni owó ẹ máa fi pẹ́, àmọ́ nínú ọjọ́ 30 yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló wà níbẹ̀ torí ọjọ́ méjì péré.

Ohun tó o máa bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. O ò ní sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè sanwó", torí ẹni tó ń gba ímeèlì yẹn ò mọ nǹkan tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú "tètè", kò síbi tó máa tẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ tètè. O ò sì ní sọ pé kí wọ́n ka ọjọ́ 30 láti ọjọ́ 5 oṣù kẹta bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, torí ìyẹn túmọ̀ sí pé kí wọ́n sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 13 péré tí ínfóìsì dé, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó pẹ́. Ohun tó o máa sọ ni pé kí wọ́n bá ẹ fi í sínú ìsanwó ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Ọjọ́ méjì péré lo fi ń bẹ̀ wọ́n kúrò nínú àdéhùn, nígbà míì ẹni tó wà ní àkáǹtì tiẹ̀ lè ṣe é láìlọ bi ọ̀gá, torí gbogbo ẹ̀ ò ju kó yí ọjọ́ tí owó yẹ padà tàbí kó fọwọ́ ara ẹ̀ mú ínfóìsì yẹn kún àwọn tó ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Tó ò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń sanwó, bi wọ́n, ìbéèrè tí ò ní ìtìjú kankan nínú ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó, má wulẹ̀ bẹ̀bẹ̀ rárá, fi ínfóìsì ránṣẹ́ kó o tọrọ àforíjì kó o lọ jókòó, torí ìyàtọ̀ ọjọ́ mélòó kan ò tó ohun tí èèyàn ń fi ojúure rà.

Àforíjì wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣàṣejù. Wọ́n á kọ ìwé gígùn, ara mi ò yá, iná ò sí, kọ̀ǹpútà bàjẹ́, ẹ dákun, ẹ foríjì mí, mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Ronú sí ohun tí pípẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fún wọn ná. Inú ò bí wọn pé owó ò tíì jáde lọ́wọ́ wọn, ta ni inú máa bí síyẹn. Ìyọnu wọn ni pé ìnáwó oṣù kẹta wá ń wọlé lóṣù kẹrin, akáǹtáǹtì ní láti ṣàlàyé ẹ̀, ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún ẹ sì lè ti rò pé òun ṣì ní owó kù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì òun, ó tiẹ̀ lè ti ná an. Ohun tó o máa tọrọ àforíjì lé lórí nìyẹn, gbólóhùn kan ti tó: ó yẹ kó dé lọ́jọ́ báyìí, òní ló ń dé, ẹ má bínú fún wàhálà tó lè kó bá ìṣirò yín. Ó tán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ wọ́n á bi ẹ́.

Nǹkan méjì kan wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́. Èkíní, má fi "ṣùgbọ́n" so àforíjì mọ́ ẹ̀bẹ̀. "Ẹ má bínú pé mo pẹ́ ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí owó pẹ́", tí mo bá ka èyí, ohun tí mo gbọ́ ni pé àforíjì yẹn ò dénú, ó fi ṣí ilẹ̀kùn ni. Fi àforíjì síbi tiẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ínfóìsì láàárín, kó o tó wá bẹ̀bẹ̀ nísàlẹ̀. Èkejì, ìtìjú máa ń mú èèyàn kọ ọ́ pé "ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn" tàbí "kò sí ìkánjú". Àbúrò, má kọ ọ́ láé. O rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ lò ń hù, ẹni tó ń kà á ní ínfóìsì bíi ogójì níwájú, èyí tó ní kò sí ìkánjú ló máa gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ ni kó o kọ ọ́ sí, kó o fi àdírẹ́sì ímeèlì àwọn ará àkáǹtì sí i kí àwọn náà rí i. Ìdí ni pé àkáǹtì ò lè san nǹkan kan títí ẹni yẹn á fi fọwọ́ sí i, tó bá sì dáhùn níbẹ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ yìí dé ọwọ́ wa", ẹ̀rí ti wà lójú gbogbo wọn nìyẹn. Tó bá jẹ́ àkáǹtì nìkan lo kọ ọ́ sí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i, á wà nínú ímeèlì ẹ̀ láìkà, o ò sì ní mọ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, nọ́ńbà inú ẹ̀ àpẹẹrẹ lásán ni:

> Àkòrí: Ínfóìsì 017 – iṣẹ́ dísáìnì, ọ́dà 4482 – ẹ̀bẹ̀ fún ìsanwó ọjọ́ 30 oṣù kẹrin
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.
>
> Ínfóìsì 017 fún iṣẹ́ dísáìnì tí a parí lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta ni mo so mọ́ ìwé yìí. Ọjọ́ 5 oṣù kẹta ló yẹ kó ti dé ọwọ́ yín, ọ̀dọ̀ mi ló ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, pàápàá fún wàhálà tó lè kó bá ìṣirò oṣù kẹta yín.
>
> Nọ́ńbà ọ́dà yín wà lára ẹ̀, iye owó ò yàtọ̀ sí èyí tí a jọ ṣàdéhùn, àkáǹtì báńkì mi sì ni èyí tí ẹ ti ń san owó sí tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fèsì sí ímeèlì yìí pé iṣẹ́ náà dé ọwọ́ yín, kí àwọn ará àkáǹtì lè máa bá a lọ.
>
> Nípa àdéhùn wa, ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ni owó yẹ ní sísan. Torí pé ọjọ́ 15 àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù lẹ máa ń sanwó, ọjọ́ méjì tó fi kọjá ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ló máa gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Mo bẹ̀ yín, tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ bá mi fi í kún ti ọjọ́ 30. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kàn jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí mo lè máa retí ẹ̀.
>
> Ẹ ṣeun púpọ̀, mà.

Wò ó, kò gùn. Ohun tí mo fẹ́ kó o kíyè sí ni pé a ò sọ níbì kankan pé o nílò owó. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ìtìjú o, àmọ́ gbogbo ẹni tó ń fi ínfóìsì ránṣẹ́ ló nílò owó, ìṣirò ọjọ́ méjì yẹn ló máa yí akáǹtáǹtì lọ́kàn ju pé owó ilé ti tó san lọ, torí ó ń rí i pé ohun tó kéré lò ń béèrè. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn náà ṣe pàtàkì: tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ̀, wọ́n ṣì máa fún ẹ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ fúnra wọn, ó máa ń nira fún wọn láti jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì báńkì yẹn, mi ò ṣèèṣì fi síbẹ̀. Báwo ni àwọn oní jìbìtì ṣe máa ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́? Wọ́n á ní ínfóìsì kan rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè san án, àkáǹtì wa sì ti yí padà. Tó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ báńkì, tó o wá kó ìyẹn pọ̀ mọ́ ínfóìsì tó pẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè sanwó, bí ìwé wọn gẹ́lẹ́ ni tìẹ ṣe máa rí. Ilé iṣẹ́ tó mọ nǹkan tó ń ṣe máa dá gbogbo ẹ̀ dúró, wọ́n á pe nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ láti wádìí, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àkáǹtì àtijọ́ bá ṣì ń gba owó, jẹ́ kí wọ́n san èyí síbẹ̀, kó o sọ ti ìyípadà lọ́jọ́ míì. Tí kò bá gba owó mọ́, fóònù ni kó o kọ́kọ́ fi sọ fún wọn kí ímeèlì tó dé.

Kó o tó fi ránṣẹ́, lọ ka kọ́ńtíráàtì yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ínfóìsì tí kò bá dé láàárín iye ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn lè má san án. Oṣù kan ṣọ̀wọ́n kó kó sínú irú ẹ̀, àmọ́ tó bá kó o, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ ni kó o kọ́kọ́ pè, kó o bá a sọ ọ́ lẹ́nu kó tó di ọ̀rọ̀ ìwé. Wo nọ́ńbà ọ́dà náà dáadáa, àti orúkọ ilé iṣẹ́ wọn bó ṣe wà lórí ọ́dà, torí ínfóìsì tí àṣìṣe wà lára ẹ̀, wọ́n máa dá a padà ni, ọjọ́ tó o bá tún tún un fi ránṣẹ́ ni ọjọ́ 30 máa tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ò tún láyè fún ìyẹn.

Tó o bá ti fi ránṣẹ́, fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Tí o ò bá gbọ́ nǹkan kan, má bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ máa sanwó, ohun tó o máa bi wọ́n ni pé "Ṣé ínfóìsì 017 ti wọlé, ṣé wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà?" Èsì wọn ló máa sọ ibi tó há sí fún ẹ. Tí wọ́n bá ní ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kò tíì fọwọ́ sí i, ọ̀gá yẹn ni kó o lọ bá, má yọ àkáǹtì lẹ́nu. Tí wọ́n bá ní a ti kọ ọ́ sílẹ̀, béèrè ọjọ́ tó jáde pé owó yẹ ní sísan, torí ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ẹ wọlé: tó bá jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹrin tàbí ṣáájú ẹ̀, ó ti wọlé, tó bá jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, bi wọ́n bóyá wọ́n ti fọwọ́ mú un kún ti ọjọ́ 30, tí wọn ò bá tíì ṣe é, ìgbà yẹn lo ṣì lè rọra rán wọn létí. Tí wọ́n bá ní ọ́dà yẹn ti di títì pa, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọdún ìṣirò wọn bá parí láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ẹ ló máa ní kí wọ́n tún un ṣí tàbí kí wọ́n fún ẹ ní tuntun, kò sí nǹkan tí àkáǹtì fúnra wọn lè ṣe sí i, má sì dúró pé wọ́n á jọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

Tí wọ́n bá sọ ọ́ gbangba pé rárá, ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni, gbà bẹ́ẹ̀, dúpẹ́, má tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlòmíràn á ní kó o yọ owó díẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè tètè san, èmi ò fara mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí iṣẹ́ míì bá tún dé iye tó o yọ yẹn ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Àmọ́ tí ọjọ́ 15 bá wá kọjá tí owó ò dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, àwọn ló pẹ́ báyìí, má sì jẹ́ kí ojú tì ẹ́ torí ti ìṣáájú. Ìwé tó o máa kọ lọ́jọ́ 16 kò gbọdọ̀ ní àforíjì kankan nínú: nọ́ńbà ínfóìsì, iye owó, pé ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ló ti yẹ ní sísan, pé wọ́n kọ ọ́ sí ẹ fúnra wọn pé ọjọ́ 15 ló ń bọ̀, kó o wá béèrè ọjọ́ tó máa wọlé.